Owó Ojú, Owó Ọ̀nà, Owó Èrò Ẹ̀yìn Ìyàwó

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, Èjìgbò a yí padà. Bọ́ọ̀sì Àbíjàn á máa já èrò sílẹ̀ tẹrùtẹrù, ẹ ó máa gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu oníbàárà láàárín ọjà, àwọn tó ń kọ́lé á padà sídìí ilé wọn, àwọn tó ti ń fẹ́ra sọ́nà lókèèrè á sì wá ṣe ìgbéyàwó níṣojú àwọn òbí. Ọmọ Èjìgbò tó fi Àbíjàn ṣe ibùgbé kò lóǹkà, ìdí nìyẹn tí ìgbéyàwó fi máa ń wọ́ jọ sínú oṣù Disẹ́ńbà lọ́dọ̀ wa. Sátidé mẹ́rin péré ló sábà máa ń wà nínú oṣù náà, márùn-ún nígbà mìíràn. Ẹni tó bá ń ṣe mékọ́ọ̀pù kò lè ta Sátidé kan fún ìyàwó méjì tí àkókò wọn bá kọlura. Ohun tó ń tà gan-an ni wákàtí tó wà láàárín òwúrọ̀ kùtù àti ìgbà tí ìyàwó yóò jáde. Àtíkè kàn ń tẹ̀lé e ni.

Síbẹ̀, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ wọlé lórí fóònù ni, "Àǹtí, èló lẹ ń ṣe ìyàwó?" Ọ̀pọ̀ nínú wa a sì dá a lóhùn pẹ̀lú iye kan ṣoṣo. Iye kan ṣoṣo yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìyàwó yóò rò pé tíráyà wà nínú rẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò rò pé gèlè òun náà wà níbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó yóò jókòó sórí àga lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó máa rántí pé ẹni tó wá láti Èjìgbò dé Ògbómọ̀ṣọ́ wọ ọkọ̀ wá. Nígbà tí oníṣẹ́ bá wá sọ̀rọ̀ owó lọ́jọ́ náà gan-an, òun ni yóò dàbí ẹni tó fẹ́ da ayẹyẹ rú.

Ọ̀nà tí mo gbà pé ó tọ́ ni kí a pín owó yìí sí mẹ́ta, kí a má sì jẹ́ kí ọ̀kan farapamọ́ sábẹ́ èkejì: owó ojú ìyàwó, owó ọ̀nà, àti owó àwọn tó tẹ̀lé ìyàwó. Mo máa fi ìgbéyàwó kan ṣe àpẹẹrẹ títí dé ìparí. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye owó tó wà nínú rẹ̀, kí oníkálukú fi iye àdúgbò tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ọmọ Èjìgbò tó ń gbé ní Àbíjàn ni ìyàwó. Ìdána yóò wáyé lọ́jọ́ Jimọ̀ ní agboolé bàbá rẹ̀ ní Èjìgbò. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé ọkọ, ibẹ̀ náà sì ni ìsìn ìgbéyàwó ti máa wáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì ní aago 10 àárọ̀ Sátidé, kí wọ́n tó lọ jẹun ní gbọ̀ngàn. Màmá Ìyàwó, Màmá Ọkọ àti ọ̀rẹ́ ìyàwó mẹ́fà ló fẹ́ ṣe ojú ní Sátidé.

Kí a tó dárúkọ owó rárá, ẹ jẹ́ ká ka iye ìgbà tí ojú ìyàwó yóò yí padà. Ojú ìdána, pẹ̀lú aṣọ òkè, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn àti gèlè, yàtọ̀ sí ojú aṣọ funfun. Bó bá jẹ́ yìgì ni, aṣọ ìborí yóò bo irun àti etí, nítorí náà ojú nìkan ló máa dá hàn, kò sì ní sí gèlè tí yóò gbé iwájú orí ga. Ọ̀tọ̀ ni ojú tuntun, tí a máa fọ èyí tó wà níbẹ̀ kúrò tí a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpara. Ọ̀tọ̀ ni àtúntò, tí a kàn máa nu òógùn, tí a ó fi àtíkè díẹ̀ kún un, tí a ó pààrọ̀ lípísítíìkì, tí a ó sì wé gèlè mìíràn. Èyí àkọ́kọ́ máa ń gba wákàtí kan àbọ̀, èkejì kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ.

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni "ẹ kàn bá mi yí i padà díẹ̀." Ìyàwó tó ti wà nínú ojú tó tutù láti àárọ̀ á fẹ́ kí ìpéǹpéjú òun dúdú kó sì máa dán fún ìgbà tí ijó bá bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè gbé ìyẹn lé orí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọ̀ tó wà lórí ìpéǹpéjú ti gbẹ, gúlù irun ojú ti le, bí a bá tún fi ohun olómi lé e, á ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bí ìyàwó bá ti rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, inú ìwé àdéhùn ni kí a ti kọ ọ́: ojú tuntun mélòó, àtúntò mélòó. Ìyàwó tiwa gba ojú tuntun méjì, ti ìdána ní ₦60,000 pẹ̀lú gèlè, ti ṣọ́ọ̀ṣì ní ₦50,000, àti àtúntò kan fún gbọ̀ngàn ní ₦20,000.

Ó wá ku ìdánwò ojú, tí gbogbo wa ń pè ní tíráyà. Èyí ni apá tí àwọn oníbàárà fẹ́ràn láti gbà lọ́fẹ̀ẹ́, òun sì ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Tíráyà tó péye máa ń gba wákàtí méjì. Ìyàwó á wá pẹ̀lú ojú lásán, á mú aṣọ kan tó ní àwọ̀ aṣọ ọjọ́ náà lọ́wọ́, pẹ̀lú yẹtí rẹ̀. A kì í fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá fáńdéṣọ̀n. Egungun àgbọ̀n ni a máa fi í sí, kí a sì fà á dé ọrùn, nítorí àwọ̀ ojú ọ̀pọ̀ obìnrin yàtọ̀ sí ti ọrùn àti àyà wọn, pàápàá bí wọ́n bá ń lo ìpara tó ń bó àwọ̀. Bí a bá fi fáńdéṣọ̀n bá ojú nìkan mu, fọ́tò yóò fi hàn pé orí kan ni wọ́n gbé lé ọrùn ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, kí a mú ìyàwó jáde síta. Iná inú ṣọ́ọ̀bù wa sábà máa ń pọ́n, ohun tó dára lábẹ́ rẹ̀ lè dàbí eérú nínú oòrùn. Kí a sì ya fọ́tò pẹ̀lú fíláàṣì nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Bí abẹ́ ojú bá funfun bí ẹfun nínú fọ́tò náà, àtíkè aláìláwọ̀ tí a fi dè é, tàbí ìpara ìdáàbòbò oòrùn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Èyí kì í hàn sí ojú lásán. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò ní tíráyà yóò rí i nínú álúbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó, nígbà tí kò sí àtúnṣe mọ́.

Gúlù irun ojú náà ní ìdánwò tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní èròjà rọ́bà nínú, ara àwọn kan kò sì gba rọ́bà. Kí a fi ẹ̀kán rẹ̀ kan sí ẹ̀yìn etí, kí a sì fún un ní ọjọ́ kan sí méjì. Bí ibẹ̀ bá pọ́n tàbí tó bá ń yún un, kí a wá gúlù tí kò ní rọ́bà. Ìpéǹpéjú tó bá wú láàárọ̀ ìgbéyàwó kò ní oògùn tó lè yára tó aago 10.

Tíráyà kò parí lórí àga. Kí ìyàwó lọ sílé pẹ̀lú ojú náà, kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kó jẹun, kó sì fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́fà. Níbẹ̀ la ó ti mọ ibi tí òróró ti kọ́kọ́ ń yọ, ẹ̀gbẹ́ imú ló sábà máa ń jẹ́, àti bóyá igun irun ojú ti ṣí. Gbogbo ohun tí a lò ni kí a kọ sílẹ̀: nọ́ńbà fáńdéṣọ̀n, bí a ṣe pò ó bí ó bá jẹ́ méjì, irú irun ojú, lípísítíìkì, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀. Èmi gbà pé ìwé kékeré yẹn gan-an ni ìyàwó ń rà nígbà tó bá sanwó tíráyà, torí òun ló ń jẹ́ kí wákàtí kan àbọ̀ tó lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Nígbà náà, ṣé kí a yọ owó tíráyà kúrò nínú owó páàkéèjì bí ìyàwó bá gbà wá? Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kì í gbà á nímọ̀ràn. Ohun èlò tí tíráyà ń jẹ kò dín ní ti ọjọ́ ìgbéyàwó, wákàtí rẹ̀ sì gùn jù ú lọ. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò ti ṣe ojú kan lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦25,000 ni tíráyà, a sì ń san án kí a tó jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí ìyàwó bá fẹ́ kí a pa ìpéǹpéjú rẹ́ kí a tún un ṣe ní àwọ̀ mìíràn lórí ìjókòó kan náà, kò sí owó lórí ìyẹn. Bó bá fẹ́ padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi fọ́tò mìíràn hàn án, tíráyà mìíràn nìyẹn.

Ìyàwó Àbíjàn ló wá mú ọ̀rọ̀ tíráyà le ní ìlú wa. Kò sí nílé nígbà tó yẹ kó yan oníṣẹ́. Oṣù kẹsàn-án ló ti ń béèrè, àmọ́ ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó ló ń dé. Bó bá sì bá bọ́ọ̀sì wá, ó ti gba Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá lórí ìjókòó kan. Ojú yóò ti wú, ètè yóò ti gbẹ, ọyẹ́ yóò tún kí i káàbọ̀. Ẹni tó bá ṣe tíráyà fún un lọ́jọ́ kejì tó dé ń dán ojú arìnrìn-àjò wò, kì í ṣe ojú ìyàwó. Kí ó sinmi fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí ó máa mumi kí ó sì máa pa ìpara sójú, kí tíráyà sì tó ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìdána kí ààyè lè wà fún ìdánwò gúlù. Nítorí náà, bí ìdána bá jẹ́ Jimọ̀, ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun ni kí tíráyà wáyé, kí ìyàwó sì ti wọlé ó pẹ́ tán ní Sátidé tó ṣáájú. Ọjọ́ tí yóò wọlé yìí yẹ kó wà nínú àdéhùn pẹ̀lú.

Kí a má sì tan ara wa jẹ nípa ohun tí tíráyà ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó lè ṣe. Kì í ṣe ti yíyàn mọ́, ti àtúnṣe ni. Bí ìyàwó kò bá fẹ́ràn ọwọ́ oníṣẹ́ rárá, ibo ló ti máa rí ẹlòmíràn ní Disẹ́ńbà pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́ta? Oníṣẹ́ náà kò sì lè rí ẹni tí yóò ra Sátidé yẹn. Ohun tó wà fún yíyàn ni ohun tí a ṣe kí ó tó san àsansílẹ̀: kí ìyàwó fi fọ́tò ojú lásán ránṣẹ́, tí a yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọ̀sán, láìsí fíítà, kí ó sọ fáńdéṣọ̀n tó ń lò, kí ó wo fọ́tò ojú àwọn tí àwọ̀ wọn jọ tirẹ̀ tí oníṣẹ́ ti ṣe, kì í ṣe èyí tó dára jù nìkan. Ẹni tó bá sì wà nílé láti oṣù keje tó fẹ́ ṣe tíráyà tipẹ́, kó mọ̀ pé awọ ara oṣù òjò kọ́ ni awọ ara ọyẹ́. Fáńdéṣọ̀n tó tẹ́ pẹrẹsẹ ní oṣù keje lè máa là ní Disẹ́ńbà. Yíyàn ni tíráyà yẹn wà fún. Ìpara tí a ó tẹ́ sábẹ́ ni a ó ṣì tún wò bí ọjọ́ bá súnmọ́.

Ó ku owó ọ̀nà. Èjìgbò wà láàárín àwọn ìlú tó ń pè wá: Ògbómọ̀ṣọ́ tó nǹkan bí 30 kìlómítà, Ẹdẹ kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, Ìwó ju Ògbómọ̀ṣọ́ lọ díẹ̀, Òṣogbo náà sì wà níbẹ̀. Nínú agbègbè tiwa gan-an, wọ́n lè pè wá sí Ìfẹ́-Ọ̀dàn, sí Ọlá tàbí sí Màsífà. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, a lè gbé owó ọkọ̀ pamọ́ sínú owó ojú kó má hàn. Nígbà tí lítà epo kan fi kọjá ₦1,000 ní 2024, ẹni tó ti gba àsansílẹ̀ oṣù mẹ́fà ṣáájú rí i pé èrè òun ti bọ́ sínú táńkì ọkọ̀. Láti ìgbà náà, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí owó ọ̀nà dá dúró, kí a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni a ó fi iye rẹ̀ lélẹ̀, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ bá ṣe gba owó. Ìyàwó yóò rí iye tí a rò, yóò sì mọ̀ pé ó lè fi díẹ̀ yí.

Owó ọ̀nà kì í ṣe epo nìkan. Ọkọ̀ tí a dá ni, nítorí a kò lè fi àpótí mékọ́ọ̀pù, àga gíga, iná òrùka àti jẹnẹrétọ̀ kékeré wọ ọkọ̀ èrò ní aago 5 ìdájí. Ọ̀kadà ni àwọn kan á ní ká gùn lọ sí abúlé torí ó súnmọ́. Ẹni tó bá ti ṣí àpótí rẹ̀ lẹ́yìn kòtò ọ̀nà abúlé mọ bó ṣe máa ń rí: àtíkè tó dì nínú ike á ti fọ́ wẹ́wẹ́, á ti da bo àwọn bírọ́ọ̀ṣì, èyí tó wà fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì ti dà pọ̀ mọ́ èyí tó wà fún ìpéǹpéjú. Bí ọ̀kadà bá ti di dandan, kí a fi òwú tẹ́ orí àtíkè kọ̀ọ̀kan kí a tó pa ike rẹ̀ dé. Yàtọ̀ sí ọkọ̀, owó ìdúró awakọ̀ wà níbẹ̀, torí bí ó bá padà lọ, owó lílọ àti bíbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni.

Fún iṣẹ́ tó wà láàárín ìlú Èjìgbò, mo rò pé kò yẹ kí owó ọ̀nà wà rárá. Fún àwọn ìletò tó yí wa ká, iye kan pàtó tó tẹ̀lé ibi tí ó wà. Fún ìlú mìíràn, ohun tí ọkọ̀ bá gbà gan-an, pẹ̀lú ìdúró. Kí a má fi èrè kankan lé e. Oníbàárà tó bá béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ iye tí a sọ fún un. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó nìkan ni a fẹ́ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ kan ní lílọ àti bíbọ̀ pẹ̀lú ìdúró yóò jẹ́ ₦35,000 nínú àpẹẹrẹ wa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyàwó nìkan. Ibí ni ọ̀rọ̀ èrò ti wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń ṣi ìṣirò ṣe, nítorí wọ́n ń ka orí, wọn kò ka aago.

Ẹ jẹ́ ká ka aago sẹ́yìn láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìsìn bẹ̀rẹ̀ ní 10. Ìyàwó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ní 9:15, kó ti wọṣọ tán ní 8:45. Kí ojú rẹ̀ parí ní 8:15, kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lè wà fún aṣọ àti fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Wákàtí kan àbọ̀ sẹ́yìn, 6:45 ni ìyàwó ń jókòó. Bó bá jẹ́ òun nìkan, a lè kúrò ní Èjìgbò ní 5:30 kí a sì bá a pẹ̀lú ààyè. Màmá méjèèjì náà wà níbẹ̀ o. Ojú àgbàlagbà pẹ̀lú gèlè jẹ́ wákàtí kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí gèlè olówó ńlá tó le kì í gba ìkánjú. Bí èmi bá ṣe àwọn màmá ṣáájú ìyàwó, mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 4:45. Ọ̀rẹ́ ìyàwó mẹ́fà, ogójì ìṣẹ́jú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́rin gbáko fún ọwọ́ kejì. Ẹni tó bá ń bá mi ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 4:30 kó lè parí ní 8:30.

Ìyẹn ni pé a gbọ́dọ̀ ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí aago 4 tó kọjá lọ jìnnà. Kò sí ẹni tó yẹ kó gba ọ̀nà yẹn ní aago 3 òru pẹ̀lú àpótí iṣẹ́. A gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀. Lẹ́yìn ìdána ní Jimọ̀, ọkọ̀ yóò gbé wa lọ ní ₦20,000, yóò padà wá kó wa ní Sátidé ní ₦20,000 mìíràn, ilé àlejò jẹ́ ₦20,000. Owó ọ̀nà ti di ₦60,000. Ògbómọ̀ṣọ́ kò sún síwájú; èrò ló fi ₦25,000 kún ọ̀nà. Nítorí náà, owó èrò ló yẹ kó ru ₦25,000 yìí, kò yẹ kí a bù ú lé ìyàwó lórí, kò sì yẹ kí oníṣẹ́ ru ú.

Ẹ wò ó báyìí. Màmá méjèèjì ní ₦20,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦40,000. Ọ̀rẹ́ mẹ́fà ní ₦12,000 jẹ́ ₦72,000. Àpapọ̀ ₦112,000. Kí a yọ owó ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́, ₦7,000 lórí ojú kọ̀ọ̀kan, ₦42,000. Kí a yọ ₦25,000 tí èrò fi kún ọ̀nà. Ohun tó kù ni ₦45,000, kí a tó ra irun ojú mẹ́jọ àti àtíkè. Wàyí o, àṣà kan wà tó gbilẹ̀: "Bí ẹ bá mú ọ̀rẹ́ mẹ́fà wá, màmá méjèèjì di ọ̀fẹ́." Ó dùn létí. Yọ ₦40,000 màmá kúrò nínú ₦45,000 yẹn. ₦5,000 ló kù fún ẹni tó jí ní aago 4, tó ṣe ojú méjì pẹ̀lú gèlè méjì, kò sì ní lè ra irun ojú pàápàá nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fúnni ní irú ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń sanwó fún ara rẹ̀ láti ṣiṣẹ́.

Èyí kò ní kí a má dín owó fún èrò. Ibi tí ẹ̀dínwó ti bá ìṣirò mu ni ibi tí èrò kò ti yí aago padà: ìdána ọ̀sán ní Èjìgbò níbí, tí gbogbo wọn wà nínú yàrá kan, tí ẹnì kan ṣoṣo sanwó gbogbo wọn ṣáájú. Ó yẹ kí a dín in níbẹ̀, nítorí a kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àpótí lẹ́ẹ̀mejì, a kò sì ní máa lé gbèsè. Àmọ́ iye èrò tí ọwọ́ méjì lè ṣe láàárín wákàtí mẹ́rin ní ìwọ̀n. Bí wọ́n bá ti di mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó àti àwọn màmá, ọwọ́ kẹta ni kí a wá, kì í ṣe ìṣẹ́jú tí a máa gé lórí ojú kọ̀ọ̀kan.

Ẹnì kan ni kí ó máa ṣe aṣojú èrò. Ó lè jẹ́ àgbà ọ̀rẹ́ ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun ni yóò fi orúkọ ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, òun ni yóò gba owó lọ́wọ́ wọn, òun náà ni a ó bá sọ̀rọ̀ bí ẹnì kan bá pẹ́. Lẹ́yìn tí orúkọ bá ti wọlé, ẹni tó bá yẹ̀ kò ní dín owó kù, nítorí a ti mú ọwọ́ kejì dání fún un, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ẹlòmíràn dípò. Ẹni tó bá yọjú láàárọ̀ ọjọ́ náà láìsí orúkọ rẹ̀ yóò dúró títí gbogbo orúkọ yóò fi tán, yóò sì san ju àwọn tó kù lọ. Ohun kan ṣoṣo tí a kì í fi owó yanjú ni àpólò. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n tó sì ń ṣepin kò gbọdọ̀ fara kan bírọ́ọ̀ṣì wa, bó ti wù kó san tó. Kí a dá owó rẹ̀ padà, kí a wé gèlè fún un, torí láti ojú rẹ̀ ni yóò ti kọjá sí ojú ìyàwó. Ìdí yìí náà ni a fi ń lo igi tiróò tí a máa ń jù nù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń fi ọ̀bẹ kékeré ha lípísítíìkì sórí àwo kí a tó fi kan ètè ẹnikẹ́ni.

Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦327,000: ₦155,000 fún ìyàwó pẹ̀lú tíráyà rẹ̀, ₦112,000 fún èrò, ₦60,000 fún ọ̀nà. Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù, kí ìyàwó lè fi han ìyá rẹ̀:

"Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, Àǹtí Ìyàwó. Ojú tuntun méjì (Jimọ̀ ní Èjìgbò, Sátidé ní Ògbómọ̀ṣọ́), àtúntò kan ní gbọ̀ngàn, tíráyà kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun: ₦155,000. Màmá méjì pẹ̀lú gèlè, ọ̀rẹ́ mẹ́fà láìsí gèlè: ₦112,000. Ọkọ̀ lọ́jọ́ méjì àti ibi tí a ó sùn: ₦60,000, a ó tún wò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Àsansílẹ̀ ìdajì owó ìyàwó àti ti èrò ló ń gba ọjọ́ yín. Owó ọ̀nà ń wọlé pẹ̀lú orúkọ èrò. Ìyókù ń parí lálẹ́ Ọjọ́bọ̀."

Àsansílẹ̀ tó ń ti Àbíjàn bọ̀ máa ń jẹ́ owó sééfà. Sééfà so mọ́ owó Yúróòpù pẹ̀lú iye tí kì í yí, náírà ló ń gòkè tó ń sọ̀ láti 2023. Nítorí náà náírà ni kí a fi sọ iye páàkéèjì, kí a sì ka ohun tó bá wọ àkáǹtì lọ́jọ́ tó wọlé. Bí ẹni tó fi owó ránṣẹ́ bá ní iye kan lọ́kàn tí iye mìíràn sì wọlé, a ó fi rìsíìtì hàn án lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Bí ìyàwó bá wá ní òun kò ṣe mọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ ọ́ gàdàgbà pé àsansílẹ̀ kò ní àdápadà. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé ohun tó ti gbà sílẹ̀, bí oníṣẹ́ bá sì fẹ́ mú nǹkan nínú owó náà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n tó bọ́gbọ́n mu, tí yóò wo bí ìkìlọ̀ ṣe pẹ́ tó àti bóyá ààyè wà láti rí oníbàárà mìíràn. Èyí bá iṣẹ́ wa mu ju "kò ní àdápadà" lọ. Ẹni tó sọ fún mi ní oṣù kẹsàn-án pé ìgbéyàwó ti yẹ̀ ti fún mi láàyè láti ta Sátidé náà. Mo lè mú ìdámẹ́wàá, kí n sì dá ìyókù padà. Bó bá sọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Disẹ́ńbà, Sátidé ti bọ́, àsansílẹ̀ náà sì ti di ti ọjọ́ yẹn. Bí ọjọ́ bá kàn sún síwájú torí òkú ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé, owó náà á tẹ̀lé wọn lọ sí ọjọ́ tuntun, bí ọjọ́ náà bá ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Tíráyà tí a ti ṣe kì í padà, torí ojú yẹn ti jáde tán, ìwé tí a kọ nípa rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìyàwó. Kódà bó bá gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ mìíràn, yóò wúlò fún un.